Ṣé "ẹ máa pè mí" ni, àbí "ẹ má pè mí"?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 34 ni mí, fíríìjì àti éésì ni mò ń tún ṣe n'Ìbàdàn. Níbi ìgbéyàwó kan l'Óṣogbo ni mo ti pàdé ọmọbìnrin kan. Nọ́ọ̀sì ni, Iléṣà ló ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá rèé tí a ti ń kọ̀wé síra wa lórí Wasáàpù, ọ̀rọ̀ wa sì ń dùn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é, kò gbé e. Nígbà tí mo béèrè, ohun tó kọ ni: "E ma pe mi nirole, ile ni mo ma n wa." Láti ọjọ́ náà, mi ò pè mọ́. Lánàá, ó tún ń béèrè ìdí tí fíríìjì rẹ̀ fi ń pariwo. Báwo ni mo ṣe lè mú ọ̀rọ̀ wa dé orí ìpè, kó sì dé orí fídíò, láì dà bí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu?

Àbúrò mi, ka ohun tó kọ yẹn sókè, kí etí rẹ gbọ́ ọ. Ìwọ kà á sí "Ẹ má pè mí nírọ̀lẹ́, ilé ni mo máa ń wà," bí ẹni pé àwọn ará ilé wà nítòsí, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin. Èmi kà á sí "Ẹ máa pè mí nírọ̀lẹ́, ilé ni mo máa ń wà," ìyẹn ni pé ìgbà yẹn lọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, méjèèjì ló sì bọ́gbọ́n mu. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. "Má" kúrú, òkè ló sì parí sí. "Máa" ní tirẹ̀ gùn, ó gòkè ná kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín. Bó bá sọ ọ́ létí rẹ, o ò ní ṣì í gbọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n orí fóònù ló ti tẹ̀ ẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, o sì ti fi ọjọ́ mélòó kan ṣọ̀fọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkésíni.

Èwo ló ní lọ́kàn? Bí ẹ bá ní kí n fi owó mi tẹ́ ẹ, "máa" ni màá tẹ́ ẹ sí, torí ẹni tó bá fẹ́ ká má pe òun kì í sábà fi fíríìjì rẹ̀ lọ̀ wá lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìwọ má tẹ́ tìrẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ìbéèrè yìí kò ṣeé dáhùn lọ́nà ìwé. Bó bá kọ "mo ni e ma pe mi" padà sí ọ, ibi tí o wà náà lo ṣì wà. Ó di dandan kó lo ohùn, tàbí kó tún gbólóhùn náà kọ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀nà rẹ dé orí ìpè wà nínú ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an.

Kí a tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ìpè mẹ́ta tí kò gbé. O kò sọ aago tí o pè, o kò sì sọ bóyá o kọ́kọ́ sọ fún un. Mo gbà pé o kò sọ, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wá bá mi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ. Ọ̀rọ̀ kíkọ dà bí ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tó nilé á gbé e nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìpè ní tirẹ̀ jẹ́ àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sì ni obìnrin yìí. Ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibẹ̀ kó máa sùn ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó sì lè wà nínú ọkọ̀ akérò tí èèyàn mẹ́rin fún ara wọn mọ́ ìjókòó kan. Ìpè àkọ́kọ́ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé níbikíbi. Ó fẹ́ kí ohùn òun jáde dáadáa, ó fẹ́ mọ ohun tí òun máa sọ. Bí kò bá ráyè fún gbogbo ìyẹn, á jẹ́ kó dún tán.

Bó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan náà lo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn tún wá burú sí i. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pe èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta léra-léra ń túfọ̀ ni, tàbí kó jẹ́ pé owó tó yá ẹni náà ló ń béèrè. Má ṣe é mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tó, kí o sì kọ ìdí tí o fi pè sísàlẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó dáa. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé àsìkò ìpè ti tó? Mi ò ka ọjọ́. Mo ti rí àwọn tó pe ara wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pàdé, tó sì lọ ní ìrọ̀rùn. Ohun tí mo máa ń wò ni ìwà ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdáhùn rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń dé lẹ́yìn tí o ti fi ìkẹta ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti ń sáré ju ìka lọ nìyẹn. Bó bá ń kọ "itan gigun ni o, ma so fun yin lojo kan," ó ti fi hàn ọ́ pé ohun kan wà tí òun kò fẹ́ tẹ̀. Bó bá béèrè nǹkan tí ìdáhùn rẹ̀ ń fẹ́ kí ìwọ náà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn, ọ̀rọ̀ ìpè nìyẹn. Ti fíríìjì yìí gan-an nìyẹn. Àmọ́ bí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "hmm," "ok," àti àwòrán ẹ̀rín kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo máa ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ìpè kò ní wo ìyẹn sàn. Ohun tó tutù lórí ìwé máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní lòdì sí dídúró pẹ́ ni pé bí ẹ bá ti ń kọ̀wé lọ láìgbọ́hùn, oníkálukú á ti máa dá ohùn fún ẹnì kejì lọ́kàn ara rẹ̀. Tó bá yá, ohùn tí o dá fún un á ti le nínú rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá wá gbọ́ tirẹ̀ gan-an, á dà bí àlejò. Ẹ̀yin méjì tiẹ̀ ti pàdé, ẹ ti gbọ́hùn ara yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè alága ìdúró ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá kò tíì pọ̀ jù.

Láyé àtijọ́, àrokò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹẹ́fà, torí ọkàn òun fà sí i. Bí òun náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni á fi dá a lóhùn, ẹẹ́jọ, pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Wo bí wọ́n ṣe ṣe é: orí ìró ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lé. Ẹni tí kò bá pè é lẹ́nu, ẹyọ lásán ló rí. Alárinà ló sì máa ń wà láàárín, tí á lọ, tí á bọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó di ojúkojú. Ìwọ kò ní alárinà, ṣùgbọ́n ohun kan wà lórí fóònù tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òun ni fóìsì nóòtì.

Fóìsì nóòtì dára níbi yìí torí pé ó ní ohùn bí ìpè, ó sì ní sùúrù bí ìwé. Ó lè gbọ́ ọ ní agogo tó bá wù ú, ó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lè gba tirẹ̀ sílẹ̀ kó pa á rẹ́, kó tún un gbà kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí ohùn bá ti lọ tó sì ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ìpè ò ní dà bí odò tuntun mọ́. Jẹ́ kí tìrẹ kúrú, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ti tó. Ìkíni kan, ọ̀rọ̀ kan, ìbéèrè kan. Àwọn ọkùnrin kan máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́, tí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ inú rẹ̀ jẹ́ "ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú ọjọ́, ilé ńkọ́," tí ìyókù sì jẹ́ ìwàásù. Obìnrin tó bá rí ìṣẹ́jú mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ẹ̀rù á bà á kó tó tẹ̀ ẹ́.

Bí èmi bá ni ọ́, ohun tí màá sọ nìyí, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ nínú ohùn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ́jọ́sí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ní kí n máa pè yín ní ìrọ̀lẹ́ ni, àbí ẹ ní kí n má pè yín. Ẹ wò ó, mo ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni?" Ó parí. Má fi fíríìjì kún un. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ná. Bó bá fi ohùn dá ọ lóhùn, o ti rékọjá ibi tó le jù. Bó bá kọ ọ́ ní ìwé, kò burú, á kàn ní láti là á yé ọ yékéyéké.

Fíríìjì ló kàn, iṣẹ́ rẹ sì ni. Ó ní ó ń pariwo. Ìwọ mọ̀ ju èmi lọ pé ariwo fíríìjì kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ṣé ó ń hó ni, ṣé ó ń gbọ̀n mọ́ ògiri ni, àbí ó ń ró "kó" kó tó dákẹ́, tí á tún ró "kó" lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí iná kò tó? Má kọ gbogbo ìwọ̀nyí sí i bí ẹni tó ń kọ ìdánwò. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ariwo náà. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbà á sílẹ̀ fún mi." Òun náà ti ń fi ohùn ránṣẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn fíríìjì. Mo lérò pé á sọ̀rọ̀ sí ìparí rẹ̀: "Ẹ gbọ́ ọ? Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀." Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè gba ariwo sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan sí i.

Ibẹ̀ ni o ti máa béèrè ìpè. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ìbéèrè náà: ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ, iye ìṣẹ́jú, àti ọ̀nà tó lè gbà kọ̀ láìsí ìtìjú. "Mo ti gbọ́ ọ. Nǹkan bíi mẹ́ta ni mo fẹ́ bi yín, ó sì gùn láti tẹ̀. Ṣé kí n pè yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ yìí bí ẹ bá ti jẹun tán? Bí kò bá rọrùn, ọ̀la náà dáa." Fi èyí wé "Ṣé mo lè pè yín?" tí gbogbo èèyàn ń kọ. Ẹni tí wọ́n kọ ìyẹn sí kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá òun sọ, kò mọ ìgbà tó máa parí, kò sì mọ ohun tí yóò sọ bí kò bá fẹ́. Ló bá dákẹ́. Ìwọ náà á wá rò pé ó ń ṣakọ.

Bó bá ní "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n Thọ́sìdeè dáa," ó ti gbà nìyẹn. Bó bá ní "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́," tí kò fi ọjọ́ mìíràn kún un, fi í sílẹ̀, kí o máa bá ìwé kíkọ lọ bí ẹni pé o ò béèrè rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, o lè tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìkejì náà bá rí bẹ́ẹ̀, má béèrè ìkẹta. Ìwọ kọ́ ló kàn láti pè mọ́, òun ni. Àwọn èèyàn wà tí ìpè ń ni lára lóòótọ́, tí wọ́n á sì ní kí ẹ kúkú pàdé l'Óṣogbo níbi tó jìnnà sí yín díẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò dá wà nínú ilé, tàbí tí ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí ohun tí ìpè tipátipá máa yanjú nínú méjèèjì.

Ìpè náà fúnra rẹ̀ wàyí. Ẹ̀rù tó ń ba ọ́ pé ẹ̀yin méjèèjì á dákẹ́, tí ojú á máa tì yín, àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Amit Kumar àti Nicholas Epley gbé iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kàn sí ọ̀rẹ́ àtijọ́, àwọn kan nípa ìpè, àwọn kan nípa lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Ṣáájú, àwọn èèyàn náà rò pé ìpè ni yóò mú ìtìjú wá jù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àwọn tó pè ló sún mọ́ ọ̀rẹ́ wọn jù, ìtìjú wọn kò sì ju ti àwọn tó kọ̀wé lọ. Wọ́n tún dán an wò láàárín àwọn tí kò mọra rí, ohùn ló sì tún ṣiṣẹ́ ju ìwé lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé fífi ojú kún ohùn kò mú kí wọ́n sún mọ́ra ju ohùn nìkan lọ. Nítorí náà, má wo ìpè ohùn bí àtẹ̀gùn lásán tí èèyàn ń sáré gùn kọjá kó lè dé orí fídíò.

Àwa Yorùbá tún ní ohun kan tó ń ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ẹlòmíràn ti ń ta kókó: ìkíni wa. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ fún ọ. "Ẹ kú alẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ òní. Ṣé ara ò rẹ̀ yín jù? Wọ́n tan iná fún yín?" Òun náà á máa dáhùn, á máa bi ọ́ padà, kò sí ẹni tó ń ronú ohun tó máa sọ, etí yín á sì ti mọ ohùn ara yín kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ sórí fíríìjì tààrà, torí ohun tí o ní kí o tìtorí rẹ̀ pè nìyẹn. Bí o bá kọ́kọ́ fò ó lọ sórí "ṣé ẹ ti ní ẹni tí ẹ ń fẹ́?", ó máa mọ̀ pé fíríìjì kì í ṣe fíríìjì.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó gba gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Mẹ́rin ti pọ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé kí o di ẹni tó ń tún fíríìjì rẹ̀ ṣe, tí á máa kí ọ ní "ẹ̀yin ẹnjiníà" títí ayé. Wá ibi tí ọ̀rọ̀ á ti yà. Bó bá sọ pé òun àti ẹnì kan ló jọ rà á, béèrè ẹni náà. Bó bá ní omi tútù nìkan lòun ń fi ṣe, bi í ohun tó ń jẹ tó bá dé láti iṣẹ́ alẹ́. Ohun tó ti kọ sí ọ rí tí kò parí, "ìtàn gígùn" yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kó jáde.

Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dìde. "Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń pé o." Bó bá ní "Ṣé ó ti pé ni?", ẹ lè fi márùn-ún kún un. Àwa tí a ń fẹ́ra nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà ní 2001 kọ́ èyí tipátipá. Nǹkan bí náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, orí ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀, kó tó di pé Gíló dé ní 2003 pẹ̀lú ìṣírò orí sẹ́kọ́ńdì. Bó bá ti di sẹ́kọ́ńdì márùndínlọ́gọ́ta, a ti gé e. Inú á máa bí wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a ò parí lálẹ́ yẹn ni à ń fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Lóde òní tí dátà ti wà, àwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wọn, wọ́n á wá máa sọ "hẹn... kí ló tún ń ṣẹlẹ̀?" Ohun tí etí gbọ́ gbẹ̀yìn nínú ìpè náà nìyẹn, òun náà ló máa rántí bí o bá tún pè.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" ńkọ́? Lórí ìwé, mo rí i pé "ẹ" ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò. Má jẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ ni wàá kọ́kọ́ yí i padà lórí ìpè àkọ́kọ́, kódà bí o bá dàgbà jù ú lọ. "O" tó bá jáde lójijì lẹ́nu ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́hùn rẹ̀ lè dún bí àìbìkítà. Bó bá ní "ẹ yéé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀," ìgbà náà ni kí o gbà á, kò sì pọn dandan kí òun náà yí tirẹ̀ padà.

Fídíò wá kù. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ó sì dùn mọ́ ọ pé o máa rí ojú. Ṣùgbọ́n lórí fídíò, ojú kì í pàdé ojú. Òkè fóònù ni kámẹ́rà wà, àárín rẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ wà. Bí o bá ń wo ojú rẹ̀, lójú tirẹ̀, ilẹ̀ lò ń wò. (Ìyá mi máa ń gbádùn èyí púpọ̀. Ó ní àwọn ọmọ ti tún kọ́ ẹ̀kọ́ ilé padà.) Bí o bá fẹ́ sọ nǹkan tó ṣe gúnmọ́, wo kámẹ́rà fún ìwọ̀nba àkókò tí o fi sọ ọ́, lẹ́yìn náà kí o padà sí ojú rẹ̀.

Fídíò tó máa ń wọlé wẹ́rẹ́ ni èyí tó ní ohun tí a fẹ́ fi han ara wa. Ẹ̀yìn fíríìjì náà ni fún yín. Nígbà tí ìpè ohùn bá ti lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, sọ pé: "Bí ẹ bá ráyè ní Sátidé, ẹ tan fídíò kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ fi ojú yín hàn mí o, fíríìjì ni mo fẹ́ rí." Kámẹ́rà ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ lò. Òun ló máa pinnu ìgbà tó máa yí i sí ojú ara rẹ̀. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ báyìí lórí aṣọ òfì tí wọ́n fẹ́ rà, lórí ọmọ ajá, lórí ewébẹ̀ tó kọ̀ tí kò hù. Bó bá yí i, á jẹ́ pé ó wù ú, orí rẹ̀ á sì ti wà ní dídì. Ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe láéláé ni kí o fi fídíò pè é lójijì. Obìnrin tó ṣí orí sílẹ̀, tó ró ìró mọ́ àyà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lẹ́yìn, kò ní dárí jì ọ́ bọ̀rọ̀.

Ní tìrẹ, jókòó kọjú sí fèrèsé tàbí gílóòbù, má kẹ̀yìn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji lásán ló máa rí. Gbé fóònù ti nǹkan kan kó ga dé ojú rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ, sọ fún un lẹ́nu ìkíni gan-an.

Ó ku ti nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí mo sì ti rí ọ̀pọ̀ àìgbọ́ra-ẹni-yé nìyẹn. Nígbà tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan dákẹ́ àti ìgbà tí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ kéré gan-an. Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn èyí ní èdè mẹ́wàá káàkiri ayé ní 2009, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdì ló sì bọ́ sí. Etí wa ti mọ ìwọ̀n yìí débi pé bó bá gùn díẹ̀, a máa rò pé ẹni náà ń lọ́ra láti gbà, tàbí pé inú rẹ̀ kò dùn. Lórí fídíò tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò dára, ọ̀nà nìkan lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta àlàfo yẹn. O bi í ní "ṣé kí n wá sí Iléṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?", kò fèsì. O rò pé ó ń wá ọ̀nà láti kọ̀. O bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "kò burú bí kò bá rọrùn o," ìgbà náà gan-an ni "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ ń dé, ọ̀rọ̀ yín kọlu ara wọn, ẹ jọ dákẹ́, ẹ jọ tún bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá ti rí i pé ẹ ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ra yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà ló ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe òun. Pa àwòrán, kí ẹ jẹ́ kí ó ku ohùn nìkan, torí àwòrán ló ń jẹ dátà jù. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, fi káàdì pè é lórí ìlà gan-an. Bí kò bá ṣeé ṣe, bi í ní ìbéèrè kan, kí o sì ka ẹní, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ kí o tó tún ẹnu yà. Ìbéèrè tó bá ṣe pàtàkì, irú ti Iléṣà yẹn, má bi í lórí fídíò tó ń já.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ríra lójúkojú, mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ayédèrú. Ẹni tí ẹ bá pàdé lórí ayélujára nìkan, tí kámẹ́rà rẹ̀ kò níí dára láéláé, tó sì jẹ́ pé owó ló ń yára kan lẹ́nu, ẹ jìnnà sí i. Àti fún ẹ̀yin méjèèjì: ohunkóhun tó bá hàn lórí fídíò ni ẹnì kejì lè ká sílẹ̀, ẹ wọ aṣọ yín.

Nǹkan tó kù fún ọ lónìí kò ju fóìsì nóòtì kan lọ. Wò ó bó bá ti jẹ́ ìrọ̀lẹ́, jáde síta kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀, kí o sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìkà á láti inú ìwé. Bó bá jẹ́ "má" ló wí lóòótọ́, bi í ní ìgbà tó rọrùn, kí o sì ní kó ká ariwo fíríìjì náà ránṣẹ́ sí ọ ní àárọ̀.